Ẹ̀sùn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń já ní gbogbo ìgbà tí iná bá ti lọ (nọ́ńbà oníbàárà: AKB-20417)

Ojúlé 14, Òpópónà Kẹta,
Akóbò, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 9, oṣù Ẹrẹ́nà, 2026.

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ́tà yìí tó lọ jìnnà, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé kí n pa ráútà kí n sì tún un tàn. Mo ti pa á, mo ti tún un tàn, ìgbà mẹ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ń bàjẹ́ kò sí nínú ilé mi. Ẹnu géètì ẹsíteéètì wa ló wà, nínú àpótí irin tí ẹ kó ẹ̀rọ yín sí, mo sì fẹ́ sọ ohun tó jẹ́ kí n mọ̀.

Okùn fáíbà yín ni mo ń lò, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà (₦20,000) lóṣù, mi ò sì jẹ yín ní kọ́bọ̀. Ínfátà wà nílé mi, nítorí náà bí iná ìjọba bá lọ, ráútà mi kì í kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka àwọn àkókò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Ara aago fóònù mi ni mo ti kọ wọ́n sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 2: iná lọ ní 9:10 òwúrọ̀. Ní 9:31, iná LOS lára ráútà mi di pupa, íńtánẹ́ẹ̀tì já. Iná dé ní 1:45 ọ̀sán, íńtánẹ́ẹ̀tì dé ní 1:53.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: iná lọ ní 2:20 ọ̀sán, LOS pupa ní 2:39. Iná dé ní 6:05 ìrọ̀lẹ́, íńtánẹ́ẹ̀tì ní 6:12.

Ọjọ́rú: wọn kò mú iná rárá, àní láti òwúrọ̀ di alẹ́. Íńtánẹ́ẹ̀tì kò já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́bọ̀: iná lọ ní 8:00 alẹ́, LOS pupa ní 8:14. Oorun gbé mi lọ kí iná tó dé, mi ò lè sọ ìgbà tó padà.

Ọjọ́ Ẹtì ló burú jù. Iná lọ ní 11:25, LOS pupa ní 11:36. Iná dé ní 12:50, íńtánẹ́ẹ̀tì ní 12:58. A ò tíì mí sí i tán tí iná tún fi lọ ní 4:40. Lọ́tẹ̀ yìí ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni, LOS ti pọ́n. Ó di 9:22 alẹ́ kó tó padà, ìṣẹ́jú méje lẹ́yìn tí iná dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: iná lọ ní 5:02 ìrọ̀lẹ́, LOS pupa ní 5:10. Íńtánẹ́ẹ̀tì dé ní 8:27.

Ọjọ́ Àìkú: iná lọ ní 6:30 òwúrọ̀, LOS pupa ní 6:39. Íńtánẹ́ẹ̀tì dé ní 10:07.

Ẹ̀ẹ̀méje nìyẹn. Bí a bá yọ ti Ọjọ́bọ̀ tí mi ò mọ òpin rẹ̀ sílẹ̀, wákàtí ogún àti ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni mo fi wà láìní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo bó ṣe ń lọ: ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún lọ́jọ́ Ajé, mọ́kàndínlógún, mẹ́rìnlá, mọ́kànlá, mẹ́fà. Bátìrì tó ti gbó ló máa ń ṣe báyẹn. Ó ń gbé ẹ̀rọ yín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá sì jẹ́ kó gba iná tó, bíi ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kíákíá ni yóò kú.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn gan-an ni mo lọ bá bàbá ọlọ́dẹ lẹ́nu géètì. Wọ́n ní tí iná bá ti lọ, àpótí náà á máa ké "píì, píì, píì" bí ọmọ òròmọdìẹ, tó bá ṣe díẹ̀, á dákẹ́. Mo gbé etí lé e: kò hó, kò mì. Nígbà tí iná dé ní 9:15, mo ṣì wà níbẹ̀, fáànù inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo rìn padà sílé, mo bá LOS tó ti kú, PON sì dúró ní àwọ̀ ewé.

Ní ti ohun tí mo ti ṣe nílé: mo yọ okùn fáíbà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ aláwọ̀ ewé sì wọlé ṣinṣin. Mo tọpa okùn náà dé ara ògiri, kò ká, eku kò jẹ ẹ́. Mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ ráútà tààrà kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Wáìfáì ni. Ohun tí mo rí lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí:

```
ping 192.168.1.1
Reply from 192.168.1.1: bytes=32 time=1ms TTL=64

ping 8.8.8.8
Request timed out.
```

Ráútà ń dáhùn, òde ni kò dáhùn. Síbẹ̀, nígbà tí mo pè yín ní 3:05 ọjọ́ yẹn, ọmọbìnrin tó gbé ìpè mi ní kí n fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò ẹ̀yìn ráútà kí gbogbo ètò inú rẹ̀ lè parẹ́. Mo ṣe é. LOS kò kà á kún, ó pupa bó ṣe wà. Ohun tó bá mi wá ni pé mo ní láti tún ọ̀rọ̀ aṣínà fi sí gbogbo fóònù ilé, títí kan tẹlifíṣọ̀n ìyá ọkọ mi, tí wọ́n bi mí léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá èmi ni mo ba á jẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì ẹ tún fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn, 58163, ẹ ní ẹnjiníà ń bọ̀. Kò wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, àtẹ̀jíṣẹ́ dé pé ẹ ti yanjú ẹ̀sùn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ní kíláàsì. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, aago márùn-ún tiwa, aago mẹ́rin tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún méje, ń gbìyànjú láti ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ó ti pe méjì, ó la ẹnu fún ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ gan síbẹ̀ bí àwòrán. Mo ra détà ₦1,500 lórí fóònù kí n tó rí i parí, àwọn òbí méjì sì ti ń bi mí bóyá kí wọ́n gba owó wọn padà.

Mo tún yà sí ilé kejì, oníbàárà yín làwọn náà. LOS tiwọn pupa ní ìṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú tèmi. Ṣé ráútà àwọn náà ló yẹ ká pa ká tún tàn ni?

Nítorí náà, ẹ má rán ẹnjiníà wá sílé mi. Ẹ rán an sí àpótí ẹnu géètì, kó mú mítà tó máa fi yẹ̀ ẹ́ wò àti bátìrì tuntun dání. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kún oṣù mi fún àkókò tó ṣòfò. Kí ẹ sì kọ èsì sí mi lórí ímeèlì, kì í ṣe ìpè, kó tó di òpin iṣẹ́ ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 12. Bí mi ò bá rí nǹkan kan gbà, 622 ti àjọ NCC ni màá pè láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, màá sì fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí àti nọ́ńbà 58163 ránṣẹ́ sí wọn.

Nọ́ńbà fóònù mi wà nínú àkáǹtì mi. Bàbá ọlọ́dẹ yóò ṣí géètì fún ẹnjiníà láti aago méje òwúrọ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Adétóún Ọláyíwọlá (Ìyáàfin)