Ẹ Káàbọ̀ sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ewu ọ̀nà. Mo kí Múfú tó ti Ìlọrin wá, mo kí Bísí tó ti Àkúrẹ́ gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ilé bàbá mi lẹ wà yìí. Ká ní wọ́n wà láyé ni, ẹnu ọ̀nà ni wọn ì bá ti pàdé yín, èmi ò sì ní ráyè sọ̀rọ̀.

Mo kà wá lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dìde. Mẹ́jọ ni wá. Nígbà tí a jáde ìwé mẹ́wàá ní 1991, mẹ́sàn-án la jẹ́. Lọ́jọ́ tí a sin Ṣadé, mo wò wá bí a ṣe tò sẹ́bàá sàréè, mo sì rí i pé ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó jẹ́ pé ibi òkú àti ibi ìyàwó nìkan la ti ń ríra. A ó ró aṣọ ẹbí, a ó ya fọ́tò, ariwo gbohùngbohùn ò ní jẹ́ ká gbọ́ra, oníkálukú á bá tirẹ̀ lọ. Èmi àti Ṣadé jókòó sídìí tábìlì kan náà níbi ìgbéyàwó kan, ó ti ń gba ìtọ́jú fún oṣù mẹ́rin nígbà náà, n kò mọ̀. Mo bi í pé ṣé dáadáa ni, ó ní dáadáa ni, mo bá yíjú sí oúnjẹ mi. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Òun ló bí ọ̀sẹ̀ yìí.

Nítorí náà, lọ́la Mọ́ńdè, a ò lọ síbì kankan. Ẹ sùn. Ẹni tó bá fẹ́ sùn di ọ̀sán, kò sẹ́ni tó máa kanlẹ̀kùn.

Túsìdeè la ó jí lọ sọ́jà ẹja Olúwo. Ẹ ó rí ọ̀bọ̀kún, ẹ ó rí èpìyà, àti àrọ̀ tó ṣì ń jà nínú abọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí èmi nìkan ná an. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn àlejò, owó á lé. Tí a bá délé, ewùrà la ó rin, ìkọ́kọrẹ́ la ó sì sè, gbogbo wa pátá, ọkùnrin àti obìnrin. Ọwọ́ lè yúnni díẹ̀, ẹ fara dà á. Ìdí iṣẹ́ ọwọ́ báyìí lẹnu ti máa ń tú ọ̀rọ̀ tí kò ní jáde lórí fóònù.

Ọjọ́rú, a ó wọkọ̀ lórí ọ̀sà. Kò sẹ́ni tó máa wọ ọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì, èyí ò ní àríyànjiyàn. Ojú omi yìí náà ni Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, gbà wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí àwọn òyìnbó fi ìbọn àgbá lé e kúrò ní Èkó ní 1851. Oṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, tẹ̀ lé e wá. Oyè ti bọ́, ilé ti jóná, ó ṣì tẹ̀ lé e. Ní 1862 ni wọ́n tó padà, ibi tí àwọn tó ti ìhín lọ tẹ̀dó sí l'Ékòó là ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dòní. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́ kọ́ ló ń dùn mí mọ́, ti ẹni tó tẹ̀ lé e ni.

Tọ́sìdeè, a ó wo Erédò Súngbọ́, yàrà tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Ó tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, ibòmíì sì ga tó mítà 20. Ẹ wọ bàtà tó dì mọ́sẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀.

Fráídeè, lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí wa bá ti kírun Jímọ̀ dé, a ó jókòó síta níbí. Ọmọ Ṣadé fi àpò ìwé kan rán mi, ó ní àwọn fọ́tò wa tí ìyá òun tọ́jú pamọ́ ló wà nínú rẹ̀. N kò tíì ṣí i. Gbogbo wa la jọ máa ṣí i.

Sátidé jẹ́ toníkálukú, Sọ́ńdè la ó túká.

Owó ti pé lọ́wọ́ Bísí, ẹ má dá kọ́bọ̀ mọ́. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi lálẹ́ òní. Ẹ má sọ pé dáadáa ni. Tí a bá ti jókòó oúnjẹ alẹ́, kí fóònù wà ní yàrá.

Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Ẹ wá fọwọ́, ọbẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀.