Àyè Iṣẹ́: Olùkọ́ Èdè Yorùbá, Bódìjà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Bódìjà ń wá olùkọ́ kan tí yóò máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ SS1 sí SS3 ní èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà Yorùbá, tí yóò sì máa múra wọn sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC àti NECO. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ní oyè B.A. tàbí B.Ed. nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá, kí ó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá wa máa ń kọ́kọ́ wò ni àmì ohùn, nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ yín ní Yorùbá, kí àmì rẹ̀ sì pé. Owó oṣù jẹ́ ₦120,000. Kò sí ilé gbígbé.

Ẹ fi lẹ́tà àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí èmi nìkan, kì í ṣe sí ojúde ẹgbẹ́ yìí, kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, 12 oṣù Kẹsàn-án 2025, tó lù. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yóò wáyé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, 22. A kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.