Bí a ṣe ṣírò owó tọ́ọ̀mù kejì: lẹ́tà láti ọ́fíìsì bọ́sà

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ o, ẹ sì kú sùúrù. Látìgbà tí bíìlì tọ́ọ̀mù kejì ti dé ọwọ́ yín ni fóònù ọ́fíìsì mi ò ti sinmi, ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí, pé báwo la ṣe débi 74,400. Ìyá kan tiẹ̀ wá fúnra wọn lọ́jọ́ Ọjọ́rú, wọ́n yọ kalukulétọ̀ nínú báàgì, wọ́n ní "Bọ́sà, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó pọ̀". A rò ó, 74,400 náà ló jáde, mo ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín, ni wọ́n bá fi ìka sórí ìlà méjì pé kí ló mú "eré ìdárayá" yàtọ̀ sí "ìdíje háòsì". Kò sóun tó mú un yàtọ̀. Nǹkan kan náà ni, 2,400, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, àṣìṣe tèmi ni. Bíìlì tọ́ọ̀mù tó kọjá ni mo gbé wá tí mo ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà, mo fi ìlà tuntun kún un, mi ò rántí yọ ti tẹ́lẹ̀ kúrò, `=SUM(B2:B10)` tí mo fi sísàlẹ̀ sì ṣiṣẹ́ tiẹ̀ bó ṣe yẹ, ó ro gbogbo ohun tí mo kó sí i. Ó ti di `=SUM(B2:B9)` báyìí, owó tó jáde sì ni 72,000. Bíìlì yẹn ni kẹ́ ẹ lò, ẹ ya ti àkọ́kọ́ dànù. Torí àṣìṣe yìí ni mo ṣe ní kí n kúkú tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Owó ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù, 48,000. Owó oṣù ló ń bá lọ. Òṣìṣẹ́ 24 la ní, tíṣà 17 àti àwọn 7 yòókù tó ń gbálẹ̀, tó ń ṣọ́ géètì, tó wà lọ́fíìsì, owó oṣù gbogbo wọn papọ̀ jẹ́ 2,880,000 lóṣù kan. A wá sọ ọ́ di oṣù mẹ́rin, ìyẹn 11,520,000, a pín in fún ọmọ 240, ó di 48,000. Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, ẹ fẹ́ sọ pé tọ́ọ̀mù ò ju oṣù mẹ́ta lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ tọ́ọ̀mù mẹ́ta ló wà lọ́dún, oṣù 12 sì ni tíṣà fi ń jẹun, tá a bá pín 12 sọ́nà mẹ́ta oṣù mẹ́rin mẹ́rin ló máa kan tọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ la ti ń rí owó tá a fi ń san wọ́n nígbà họlidé. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò ní fi pamọ́: ọmọ 250 ló wà nílé-ìwé, kì í ṣe 240. Àwọn 10 yẹn jẹ́ ọmọ òṣìṣẹ́ tí kì í san owó ẹ̀kọ́, àwọn tó ń san la pín in fún. Tẹ́ ẹ bá rò pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá sí mítíǹgì òbí, èmi ò lágbára láti dá a yí padà.

Iná àti jẹnẹrétọ̀ jẹ́ 5,500, ní tọ́ọ̀mù tó kọjá 4,200 ni. Lítà 80 la ń jó lọ́sẹ̀, ìyẹn ò yí padà. Ọ̀sẹ̀ 10 la fi wọlé nígbà yẹn, dísẹ́ẹ̀lì wà ní 1,260 lítà kan. Tọ́ọ̀mù yìí ọ̀sẹ̀ 11 ni, lítà kan sì ti di 1,500, torí náà 880 lítà máa gba 1,320,000, ẹ pín in fún 240.

Ìdánwò 3,000: iṣẹ́ mẹ́wàá lọmọ ń ṣe, ìwé pẹlẹbẹ mẹ́fà mẹ́fà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tá a bá ro tẹ́ẹ̀sì àti ìdánwò pọ̀, 60 nìyẹn, fọ́tòkọ́pì rẹ̀ jẹ́ 40 fún ọ̀kan, ó di 2,400, káàdì èsì 600. Wọ́kùbúùkù mẹ́rin ní 2,150, àpapọ̀ 8,600. Tí ti ẹ̀gbọ́n bá wà nílé tí wọn ò tíì kọ nǹkan kan sínú ẹ̀ (mo mọ̀ pé ó ṣọ̀wọ́n o), ẹ gbé e wá kí n rí i, màá yọ 2,150 kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà 2,000, eré ìdárayá 2,400, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́tẹ̀ yìí, ìtọ́jú àìsàn 1,000. Ti ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà jẹ́ 1,500, ilé kan ló ń san án, kì í ṣe ọmọ kan, a kàn ń bá wọn gbà á ni, a ò ná nínú ẹ̀.

Ó wá jẹ́ báyìí:

48,000 + 5,500 + 3,000 + 8,600 + 2,000 + 2,400 + 1,000 = 70,500
70,500 + 1,500 = 72,000

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ méjì, ibi tá a ti máa ń bára wa jà rèé. Ẹ̀dínwó 10 nínú 100 tí ọmọ kejì ń jẹ, orí owó ẹ̀kọ́ nìkan ló wà, kì í ṣe orí gbogbo bíìlì, torí bẹ́ẹ̀ 4,800 ni, kì í ṣe 7,050. Ọmọ méjì jẹ́ 141,000, ẹ yọ 4,800, ó ku 136,200, ẹ fi 1,500 ti ẹgbẹ́ kún un lẹ́ẹ̀kan péré, ó di 137,700.

Bọ́ọ̀sì ò sí nínú 72,000 yìí, ẹni tó bá fẹ́ ló ń san án. 360 lójúmọ́ fún ọjọ́ 55, ó jẹ́ 19,800 fún àlọ àti àbọ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan máa san 11,880, kì í ṣe ìdajì, torí bọ́ọ̀sì á ṣáà padà, ì báà ṣófo.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti san 74,400, ọmọ 38 ni mo kà lórí àkáǹtì, 2,400 yín wà nílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sórúkọ ọmọ yín fún tọ́ọ̀mù kẹta, ẹni tó bá fẹ́ gbà á báyìí, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ máa rí i láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Ẹ lè san án ní ẹ̀ẹ̀mejì: 43,200 kó tó di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, 28,800 tó kù kí wọ́n tó gba ìsinmi àárín tọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá rí i pé kò ní ṣeé ṣe, ẹ tètè pè mí, ká jọ wá nǹkan ṣe sí i kí wọ́n tó dá ọmọ padà sílé. Àkáǹtì ilé-ìwé tó wà lórí bíìlì ni kẹ́ ẹ san án sí, ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, títí kan èmi náà. Ẹ bá mi kọ orúkọ ọmọ àti kíláàsì ẹ̀ síbi àlàyé o, torí owó kan ṣì wà lọ́wọ́ mi láti tọ́ọ̀mù tó kọjá, "owó ilé-ìwé" nìkan lẹni náà kọ sí i, mi ò sì tíì mọ ọmọ tó ni ín.

Èmi ni tiyín,
Bọ́sà ilé-ìwé