Àbá Iṣẹ́ fún Gbígbẹ́ Kànga Ẹ̀rọ Méjì ní Ìlú Ìdere, Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Sí: Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú Ìdere
Láti: ilé iṣẹ́ agbẹ́kànga wa ní Ìbàdàn
Ọjọ́: 12 Oṣù Kọkànlá, 2025

Ẹ̀yin àgbà wa,

A gba ìwé tí ẹ fi pè wá pé kí a wá sọ bí a ó ṣe gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan sí ọgbà ilé ìwòsàn alábọ́dé àti òmíràn sí ẹ̀bá ọjà. Ìwé yìí sọ nípa iṣẹ́ nìkan. Ti owó wà nínú àpò ìwé kejì tí a lẹ̀ pa lọ́tọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pa á láṣẹ. A wá wo ibi méjèèjì ní ọjọ́ 4 oṣù yìí, a sì bá àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ kí a tó fi kálàmù lé ìwé.

Kò sí ẹni tó mọ ìtàn omi ní Ìbàràpá tí yóò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ yìí. Omi adágún tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ lọ pọn ni sòbìà ti ń wọ ara wọn, àwọn àgbà ìlú yín sì mọ irú ìrora tó fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò iṣẹ́ oko. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Kànga tó bá gbẹ ní oṣù Kẹta yóò dá àwọn ènìyàn padà sí etí adágún, nítorí náà ohun tí a fi ń wọn iṣẹ́ wa ni iye omi tí kànga náà yóò máa fúnni ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ihò náà ṣe jìn tó kì í ṣe òṣùwọ̀n tiwa.

1. Ọ̀nà tí a ó gbà ṣe iṣẹ́ náà

1.1 Wíwá ojú omi. Orí àpáta líle ni Ìdere wà. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ní omi níbi gbogbo bí ilẹ̀ oníyanrìn ti etí òkun. Ibi méjì péré ni omi ń fara pamọ́ sí: inú àpáta tó ti jẹrà di iyanrìn àti amọ̀ lábẹ́ yangí, àti inú àwọn ibi tí àpáta tútù ti sán nísàlẹ̀. Ihò méjì lè wà láàrín 20 mítà síra wọn, kí ọ̀kan ní omi kí èkejì gbẹ.

Nítorí èyí, a kò ní gbé ẹ̀rọ dé kí a tó wọn ilẹ̀. A ó gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan. A ó fi iná mànàmáná kékeré gba inú méjì tó wà ní ìpẹ̀kun, a ó sì fi méjì tó wà láàrín wọn wo bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná náà sí. Bí a bá ṣe ń sún irin ìpẹ̀kun síwájú, títí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò fi wà ní 100 mítà sí àárín, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n náà yóò máa sọ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ sí i. A ó ṣe èyí ní ojú ibi 5 ní ọgbà ilé ìwòsàn, àti ojú ibi 6 ní ẹ̀bá ọjà nítorí pé àpáta yọ orí síta níbẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ibi tí ilẹ̀ kò ti dènà iná rárá ni omi wà jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: amọ̀ kíki máa ń fún ènìyàn ní irú ìwọ̀n yẹn, omi tó wà nínú rẹ̀ kì í sì í ṣàn jáde. Ibi tí a ń wá ni ibi tí ilẹ̀ jíjẹrà ti nípọn, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàrín ti amọ̀ àti ti àpáta, tí àmì sísán sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

A ó yan ojú méjì ní ibi kọ̀ọ̀kan, àkọ́kọ́ àti arọ́pò. Kò ní sí èyí tó máa sún mọ́ ṣáláńgá, ibi ìdalẹ̀nù tàbí ibojì ju 30 mítà lọ. Bí ojú tó dára jù lórí ìwọ̀n bá bọ́ sí tòsí ṣáláńgá ọjà, a ó fi í sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ì báà rọ̀ wá.

1.2 Gbígbẹ́. A ó fi bíìtì 12 íǹṣì la yangí àti ilẹ̀ rírọ̀ kọjá, a ó sì ki páìpù irin 10 íǹṣì bọ̀ ọ́ kí ògiri má baà wó. Nígbà tí a bá kan àpáta, a ó yí sí hámà 8 íǹṣì tí afẹ́fẹ́ ń tì, tó ń lu àpáta ní ìsàlẹ̀ ihò fúnra rẹ̀. A ó kó èérún òkúta tó bá jáde ní mítà kọ̀ọ̀kan sínú àpò tí a kọ nọ́ńbà sí, a ó sì tò wọ́n síta kí ìgbìmọ̀ lè rí i. Ní gbogbo ìgbà tí omi bá jáde, a ó dúró, a ó fi garawa àti aago wọn ohun tó ń tú jáde kí a tó tẹ̀síwájú.

A fojú bu ihò kọ̀ọ̀kan sí 60 mítà. Bí a bá dé 80 mítà tí omi kò tíì tó ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, a ó dáwọ́ dúró, a ó fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì dí ihò náà pa, a ó sì bọ́ sí ojú arọ́pò. Gbígbẹ́ síwájú nínú àpáta tí kò sán mọ́ kàn ń gùn ní owó ni.

1.3 Páìpù àti dídí ẹnu ihò. Páìpù rọ́bà líle 5 íǹṣì ni a ó fi bọ ihò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, èyí tó ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ 1 mílímítà yóò sì wà ní ibi tí omi ti wọlé nìkan. Ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga máa ń fi apá àpáta sílẹ̀ láìkì í ní páìpù, nítorí pé ògiri àpáta kì í sábà wó. Àwa náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú kan. Páìpù wa parí sí inú ilẹ̀ jíjẹrà dípò orí àpáta tútù, iyanrìn sì ba pọ́ǹpù méjì jẹ́ láàrín ọdún kan kí a tó padà lọ tún un ṣe ní owó ara wa. Láti ìgbà náà ni a ti ń ki páìpù dé ìsàlẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ tó jẹ́ ti ará ìlú.

Òkúta wẹ́wẹ́ tí a ti fọ̀, tó wà láàrín 2 àti 4 mílímítà, ni a ó dà yí páìpù ká. A ó fi amọ̀ lé e, a ó sì da sìmẹ́ńtì pípò sí 6 mítà òkè bí a ṣe ń fa páìpù irin jáde. Sìmẹ́ńtì yìí ni kò ní jẹ́ kí omi òjò àti ìdọ̀tí ọjà gba ẹ̀gbẹ́ páìpù wọlé. Kì í ṣe ohun tí ojú lè rí lẹ́yìn tí a bá parí. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí aṣojú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá ń dà á, kí ó sì ka iye àpò tó wọlé.

1.4 Fífọ ihò àti dídán an wò. A ó fi afẹ́fẹ́ fọ ihò kọ̀ọ̀kan fún wákàtí 6 ó kéré tán, títí tí garawa omi tí a bá gbé kalẹ̀ kò fi ní ní iyanrìn nísàlẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó fa omi ní ìpele mẹ́rin, wákàtí kan fún ìpele kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí omi bá ti sinmi, a ó fa á fún wákàtí 24 láìdúró, a ó máa wọn bí ojú omi ṣe ń lọ sílẹ̀, àti bí ó ṣe ń padà sókè lẹ́yìn tí a bá pa pọ́ǹpù. Ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí kànga bá fi hàn pé ó lè fúnni ni a ó ṣètò pọ́ǹpù sí, kí àyè lè wà fún ọdún tí òjò bá pẹ́.

A ó fi kílórínì pa kòkòrò inú ihò ní alẹ́ kan, a ó sì fa á dànù kí a tó bu omi fún àyẹ̀wò. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà, NIS 554, ni a ó fi wọ̀n ọ́n. Fúlúóráìdì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan, náítíréètì kò gbọdọ̀ ju 50, irin kò gbọdọ̀ ju 0.3, kòkòrò ìgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Omi tí kò bá yege kò ní dé ẹnu ẹ̀rọ.

2. Ètò àsìkò

A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, 12 Oṣù Kìíní, 2026, kí a sì fa kọ́kọ́rọ́ lé yín lọ́wọ́ ní Ọjọ́bọ̀, 26 Oṣù Kejì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni a mọ̀ọ́mọ̀ yàn: ojú omi ti lọ sílẹ̀, nítorí náà ohun tí kànga bá fúnni nígbà náà kì í ṣe ẹ̀bùn òjò.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: wíwọn ilẹ̀ ní ibi méjèèjì.
Ọ̀sẹ̀ kejì: ìpàdé pẹ̀lú ìgbìmọ̀ lórí ojú tí a yàn, àti gbígbé ẹ̀rọ láti Ìbàdàn gba Èrúwà àti Igbó-Ọrà.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: gbígbẹ́ ti ilé ìwòsàn.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin: gbígbẹ́ ti ọjà, nígbà tí a bá ń dán ti àkọ́kọ́ wò.
Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: dídán ti ọjà wò, bíbu omi fún àyẹ̀wò.
Ọ̀sẹ̀ kẹfà: gbígbé òpó irin, táǹkì àti páńẹ́ẹ̀lì sólà dúró, àti èsì àyẹ̀wò.
Ọ̀sẹ̀ keje: kíkún táǹkì, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìfàlélọ́wọ́.

Ní ọjọ́ kejì tí omi bá jáde ni a ó da kọnkéré ìpìlẹ̀ táǹkì, nítorí pé a kò ní bu omi sí táǹkì kí kọnkéré náà tó pé ọjọ́ 14. Bí a bá ní láti lo ojú arọ́pò, ọjọ́ 4 ni yóò fi kún iṣẹ́. A kò ní gbẹ́ ilẹ̀ ní ọjọ́ ọjà yín, a kò sì ní fi ariwo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ da àwọn aláìsàn láàmú lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

3. Àwọn òṣìṣẹ́

Onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta tó ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni yóò darí iṣẹ́, òun nìkan ló sì lè pàṣẹ pé kí gbígbẹ́ dúró. Yóò wà ní ojú iṣẹ́ láti mítà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Kì í ṣe ẹni tí yóò máa fi fóònù darí. Agbẹ́kànga àgbà wa ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún 14, orí àpáta líle ni ó sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì àti awakọ̀ ríìgì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta yóò wọn ilẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, jórinjórin kan àti oníná sólà kan yóò ṣe iṣẹ́ òkè. Ọmọ Ìbàràpá ni ẹni tí yóò máa bá ìlú sọ̀rọ̀.

A ó gba ọ̀dọ́ mẹ́rin ní Ìdere fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, a ó sì kọ́ méjì nínú wọn, obìnrin kan àti ọkùnrin kan, bí a ṣe ń nu páńẹ́ẹ̀lì nígbà ọyẹ́, bí a ṣe ń ka mítà omi, àti àmì tó yẹ kó mú wọn pa pọ́ǹpù kí wọ́n sì pè wá.

4. Àwọn ẹ̀rọ àti irinṣẹ́

Ti ara wa ni ríìgì tí a ó lò. Kì í ṣe èyí tí a ó yá, tí olówó rẹ̀ lè wá gbà láàárín iṣẹ́. Orí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá ni ó wà, ó sì lè gbẹ́ dé 150 mítà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń tì kùbíìkì fíìtì 900 afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó tó láti gbé èérún òkúta jáde nínú ihò 8 íǹṣì. Hámà méjì àti bíìtì mẹ́ta yóò bá wa wá, nítorí pé bíìtì lè kú lójijì lórí àpáta Ìbàràpá. A tún ní ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ kan, pọ́ǹpù ìdánwò pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, okùn ìwọn ojú omi 100 mítà, ọkọ̀ táǹkì omi kan, àti kúlà oníyìnyín tí yóò gbé omi àyẹ̀wò dé Ìbàdàn ní ọjọ́ tí a bá bù ú.

Ohun tí yóò dúró sí Ìdere ni pọ́ǹpù inú omi méjì, páńẹ́ẹ̀lì sólà, àti táǹkì 5,000 lítà méjì lórí òpó irin 6 mítà. Páńẹ́ẹ̀lì ilé ìwòsàn yóò wà lókè òrùlé. Ti ọjà yóò wà lórí òpó táǹkì, níbi tí ọwọ́ olè kò ti ní dé e. Ìwé àkọsílẹ̀ kànga kọ̀ọ̀kan, tó fi ìpele ilẹ̀, ibi tí omi ti wọlé, iye rẹ̀ àti bí a ṣe ki páìpù hàn, yóò wà ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀kan ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Fún oṣù 12 lẹ́yìn ìfàlélọ́wọ́, a ó máa wá wọn ojú omi lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, a ó sì tún ohunkóhun tó bá bàjẹ́ nípa àìṣedéédéé iṣẹ́ wa ṣe láìgba owó.

A wà ní ìmúrasílẹ̀ láti wá dáhùn ìbéèrè níwájú ìgbìmọ̀ ní ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá dá.

Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́, Ìbàdàn