Àwọn sọ̀wédowó méjì tí ẹ san sí àkáǹtì yín lọ́jọ́ Ajé padà láìsanwó

Ẹ̀ka Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́
Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹta, 2025

Sí Ìyá Oníkajú, Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́
Àkáǹtì káràǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 4417

Ìyá wa,

Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú làálàá kajú àsìkò yìí.

Sọ̀wédowó méjèèjì tí ẹ kó wá sí kàǹtà mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Kẹta, ti padà láìsanwó. Èkíní jẹ́ 1,850,000 náírà, láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ra àpò kajú 15 lọ́wọ́ yín ní Ìbàdàn. Èkejì jẹ́ 640,000 náírà, èyí tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yín kọ fún yín bí owó yíyá. Àpapọ̀ méjèèjì jẹ́ 2,490,000 náírà, a sì ti yọ ọ́ kúrò nínú iye tó ń hàn lórí àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí. Àlẹ́ẹ̀tì tó wọ fóònù yín lẹ́yìn agogo 9, òun nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò jí owó yín. Owó tí kò tíì wọlé la yọ kúrò. 312,400 náírà tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láìdín kọ́bọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn yín. Mo rántí bí ẹ ṣe yọ ìwé méjèèjì kúrò nínú ọ̀rá tí ẹ fi wé wọn, tí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn pẹrẹsẹ lórí kàǹtà kí ẹ tó nà wọ́n sí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí, dípò kí n fi ìwé pélébé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ránṣẹ́ sí yín lásán. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni pé ọjọ́ kan náà ni sọ̀wédowó méjèèjì padà, àmọ́ ohun tó dá wọn padà kò jọra rárá. Ọ̀rọ̀ owó ni ti èkíní, ọ̀rọ̀ kálámù ni ti èkejì. Bí ẹ bá gbé ìbínú ti iléeṣẹ́ Ìbàdàn lọ bá àwọn ará ẹgbẹ́ yín, ẹ ó ba àárín ẹ̀yin àtàwọn jẹ́ lórí ohun tí wọ́n lè tún ṣe láàárín ọjọ́ kan.

Ẹ lè béèrè pé, ṣebí owó náà ti hàn lórí fóònù mi lálẹ́ ọjọ́ Ajé? Ó hàn lóòótọ́. Bí ẹ bá san sọ̀wédowó, a máa ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n kò tíì di èyí tí ẹ lè ná, títí báǹkì ẹni tó kọ ọ́ yóò fi gbà láti san án. Láyé àtijọ́, ìwé náà fúnra rẹ̀ ló máa ń rìnrìn àjò. Láti 2012 tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun ní Èkó, tó sì tàn ká ibi gbogbo lẹ́yìn náà, àwòrán sọ̀wédowó là ń fi ránṣẹ́. Ìwé ń dúró lọ́dọ̀ wa. Báǹkì kejì á wo àwòrán náà, á wo àkáǹtì, á wo ọwọ́ tí wọ́n fi buwọ́ lù ú, á sì dá wa lóhùn lọ́jọ́ iṣẹ́ kejì. Ohùn tí wọ́n fọ̀ sí wa ni mo ń sọ fún yín yìí.

Lórí 1,850,000 náírà, ìdáhùn tí báǹkì wọn fún wa kò lábùlà: owó kò tó nílẹ̀. Nígbà míì, báǹkì á kàn kọ ọ́ pé ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ sọ̀wédowó, ìyẹn sì lè túmọ̀ sí oríṣiríṣi nǹkan. Ti èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a béèrè owó náà, iye tó wà nínú àkáǹtì iléeṣẹ́ ọ̀hún kò tó 1,850,000. A kò lè mọ èló ló wà níbẹ̀, wọn kì í sọ ìyẹn fún wa.

Ẹ pe ẹni tó ń bójú tó owó ní iléeṣẹ́ náà lónìí, kí ẹ tó gbé ọ̀rọ̀ dé ibòmíràn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó kan tí wọ́n ń retí ló pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì yín, tàbí kí wọ́n gba dìráfútì ní báǹkì wọn, nítorí báǹkì ti máa ń gba owó dìráfútì sọ́wọ́ kó tó kọ ọ́. Ẹ má ṣe gba sọ̀wédowó míì tí wọ́n kọ ọjọ́ iwájú sí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún èyí tó wà nílẹ̀ san, ẹ gba ọjọ́ pàtó lẹ́nu wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn yín pé owó ti wà nílẹ̀. Ẹ pè mí ní ọjọ́ tó ṣáájú, n ó sì tún un fi ránṣẹ́. Sọ̀wédowó náà ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta lórí. Tó bá ti lé ní oṣù 6, ó ti gbó nìyẹn, báǹkì kankan kò ní san án. Ní tèmi, mi ò ní jẹ́ kó dé oṣù kejì. Títí owó yóò fi wọlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé àpò kajú míì fún wọn, ì báà jẹ́ ẹyọ kan.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé òfin wà lẹ́yìn yín. Láti 1977 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ kíkọ sọ̀wédowó tí kò lówó nílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀, bí a bá mú un lọ sí báǹkì láàárín oṣù 3 sí ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Tiyín kò ju ọjọ́ 3 lọ tí ẹ fi mú un wá. Ẹni tí kóòtù bá dá lẹ́bi lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2 láìsí owó ìtanràn. Ti iléeṣẹ́ ni owó ìtanràn. Àmọ́ bí ẹni tó kọ ọ́ bá lè fi hàn pé òun ní ìdí gidi láti gbà pé owó á wà nílẹ̀, ìyẹn lè gbà á sílẹ̀. Báǹkì wọn náà ní láti fi orúkọ ẹni tó kọ irú sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, èyí sì lè dí wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yá owó. Kì í ṣe kí ẹ lè máa fi dẹ́rù bà wọ́n ni mo ṣe sọ ọ́. Mo sọ ọ́ kí ẹ má baà rò pé ńṣe lẹ ó máa bẹ̀bẹ̀ fún owó ara yín.

Bí ìpè lórí fóònù kò bá sèso kó tó di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, kí ọmọ yín bá yín tẹ̀ ẹ́ jáde:

“Sọ̀wédowó 1,850,000 náírà tí ẹ kọ fún mi ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, 2025, fún àpò kajú 15, ti padà láìsanwó ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, nítorí pé owó kò tó nílẹ̀. Mo ń fẹ́ kí ẹ san gbogbo owó náà sí àkáǹtì mi láàárín ọjọ́ 7 tí ìwé yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, n ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá agbẹjọ́rò.”

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi èébú kún un.

Ti 640,000 náírà wá. Ohun tí báǹkì wọn sọ ni pé ìbuwọ́lùwé tó wà lórí rẹ̀ kò bá èyí tó wà lọ́dọ̀ àwọn mu. Kò sẹ́ni tó sọ pé owó kò sí. Mo tún àwòrán rẹ̀ wò dáadáa. Ìbuwọ́lùwé méjì ló wà níbẹ̀, tí àkọ́kọ́ já geere. Èkejì ni kò já geere: kálámù gbẹ ní agbede-méjì, ẹni tó ń kọ ọ́ wá tún un tọ̀, ìlà tuntun kò sì bọ́ sórí ti àkọ́kọ́, bí ẹni pé èèyàn méjì ló kọ ọ́. Ìyẹn nìkan ti tó láti dá a padà. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n ti yan akápò tuntun, tí wọn kò tíì mú ọwọ́ rẹ̀ lọ fún báǹkì.

Ẹ mú ìwé náà tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ lọ pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ fi ojú ibẹ̀ hàn án. Kí wọ́n kọ sọ̀wédowó tuntun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún ìbuwọ́lùwé ti àtijọ́ kọ, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi kálámù tọ ohunkóhun lórí rẹ̀, torí pé sọ̀wédowó tí wọ́n bá ti tún kọ á tún padà ni. Bó bá jẹ́ akápò tuntun ni, kí wọ́n kọ́kọ́ lọ parí ètò ìbuwọ́lùwé ní báǹkì wọn. Nígbà tí wọ́n bá sì kọ èyí tuntun, ẹ dúró wò ó lójú wọn: ṣé iye tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ bá èyí tí wọ́n fi nọ́ńbà kọ mu, ṣé ọjọ́ òní ló wà lórí rẹ̀, ṣé orúkọ yín sì wà bó ṣe wà lórí àkáǹtì? Mo ti rí èyí tó padà nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú orúkọ.

Ìwé sọ̀wédowó méjèèjì, àti ìwé ìdápadà tó ń sọ ìdí rẹ̀, wà lọ́wọ́ mi nínú àpò ìwé kan. Ẹ wá gbà wọ́n fúnra yín pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ yín, láàárín agogo 8 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ má yọ̀ǹda ojúlówó ti iléeṣẹ́ Ìbàdàn fún wọn kí owó tó wọlé, bó ti wù kí wọ́n rọ̀ yín tó; òun ni ẹ̀rí yín. Fótò rẹ̀ ni kí ẹ fi hàn wọ́n. Ti ẹgbẹ́, ẹ lè dá a padà fún wọn nígbà tí wọ́n bá fún yín ní tuntun.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ owó mọ́tò tí ẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí awakọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, 280,000 náírà. Owó tó wà nílẹ̀ gbé e, àmọ́ 32,400 péré ló máa kù lẹ́yìn rẹ̀, ká tó yọ owó ìfiránṣẹ́. Bí awakọ̀ bá lè gba ìdajì báyìí, ẹ bá a sọ ọ́ lónìí, kó má baà jẹ́ pé ẹrù ti wà lórí mọ́tò.

Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé òun wá láti báǹkì, pé òun á bá yín tú sọ̀wédowó náà sílẹ̀, tó sì béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ káàdì yín tàbí nọ́ńbà tó wọlé sórí fóònù yín, ẹ pa fóònù náà. A kì í béèrè ìyẹn. Ẹ wá sí kàǹtà mi, ìkejì láti ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni tiyín,
Òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó sọ̀wédowó
Ẹ̀ka Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́