Àkọsílẹ̀ Ìpàdé pẹ̀lú Àwọn Agbẹjọ́rò Wa, Ọjọ́bọ̀ 12 Oṣù Kẹta 2026

ÀṢÍRÍ LÁÀÁRÍN ONÍBÀÁRÀ ÀTI AGBẸJỌ́RÒ. A ṣe ìpàdé yìí láti gba ìmọ̀ràn òfin lórí ẹjọ́ tí wọ́n fẹ́ pè wá. Ẹ má ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Ibi ìpàdé: yàrá òkè, bẹ́kàrì wa ní Olúyọ̀lé, Ìbàdàn. A bẹ̀rẹ̀ ní aago 10:10 àárọ̀.

Àwọn tó wà níbẹ̀: Alága, Olùdarí Àgbà, Ọ̀gá Òṣìṣẹ́, Akọ̀wé ilé-iṣẹ́, tó kọ ọ́ sílẹ̀, Agbẹjọ́rò Àgbà àti Agbẹjọ́rò Kejì, láti ọ́fíìsì wọn ní Dùgbẹ̀. Aṣojú ilé-iṣẹ́ adójútòfò jókòó títí di 10:40.

APÁ KÌÍNÍ: Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ní 17 oṣù Kejì, míṣà ìyẹ̀fun fa ọwọ́ ọ̀tún òṣìṣẹ́ kan wọlé, ìka méjì sì bá a lọ. Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ ní wọ́n ti fi tó àjọ ìjọba létí lábẹ́ Òfin Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010 ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, ọjọ́ kan ṣáájú gbèdéke. Lẹ́tà lọ́yà òṣìṣẹ́ náà dé ní ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹta. Alága ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń lọ kí i nílé ìwòsàn, pé ilé-iṣẹ́ ló sì ń san owó ibẹ̀.

Apá yìí lè wọ ìwé ìpàdé gbogbogbòò, èyí tí àwọn ayẹ̀wé-owó-wò ń kà lọ́dọọdún. Apá Kejì kò gbọdọ̀ bá a wọ fáìlì kan náà.

APÁ KEJÌ: Ìmọ̀ràn òfin

Kí Agbẹjọ́rò Àgbà tó bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ràn rẹ̀, ó ní kí aṣojú adójútòfò dá wa láyè. Inú aṣojú náà kò dùn. Agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún un pé bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá kọ̀ láti sanwó lọ́la, ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tiwa, kò sì dára kó jẹ́ pé ó ti gbọ́ gbogbo ohun tí a bá lọ́yà wa sọ. Ó dìde ní 10:40.

Lẹ́yìn náà ni a rí fóònù Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ lórí tábìlì, ó ń gba ohùn wa sílẹ̀. Ó ní nítorí kí òun má gbàgbé ni. Olùdarí Àgbà ní kó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Agbẹjọ́rò Àgbà kọ̀: nígbà tí ẹjọ́ ti ń kan ilẹ̀kùn, a kì í pa nǹkan rẹ́. A dá a dúró ní ìṣẹ́jú 34. Agbẹjọ́rò Kejì kó o sórí fíláàṣì, ó fi í sínú àpò ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa. Ìkìlọ̀ kan náà bo Wásáàpù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́: kí ẹnikẹ́ni má pa á rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ ẹjọ́ yìí níbẹ̀ mọ́.

Olùdarí Àgbà béèrè bóyá ìwé àtúnṣe míṣà yóò di àṣírí tí a bá kó o fún lọ́yà. Rárá. Ìwé tó ti wà ṣáájú kí a tó pe agbẹjọ́rò kì í di àṣírí nítorí pé ó dé Dùgbẹ̀. Ohun tí abala 192 àti 195 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 dáàbò bò ni ọ̀rọ̀ tó wà láàárín àwa àti wọn, ààbò náà kò sì bo ọ̀rọ̀ tí a bá sọ láti hu ìwà tó lòdì sí òfin. Abala 193 fà á dé ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì wọn.

Ìmọ̀ràn lórí bóyá ká jà tàbí ká bá wọn ṣe àdéhùn wà nínú lẹ́tà tí Agbẹjọ́rò Àgbà yóò kọ sí Alága nìkan. A kò tún un kọ síbí. Olùdarí Àgbà fẹ́ kí ìbéèrè rẹ̀ nípa irin ìdáàbòbò míṣà wọlé bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an. Alága ní ó tó láti kọ pé ó béèrè, pé wọ́n sì dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ìpinnu: ìgbìmọ̀ gba ìmọ̀ràn náà. Agbẹjọ́rò Kejì ni yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn, Ọ̀gá Òṣìṣẹ́ kò ní dá a ṣe. Èsì sí lẹ́tà 9 oṣù Kẹta yóò ti ọ́fíìsì wọn jáde.

A parí ní 12:35. Ẹ̀dà méjì ló wà, pẹ̀lú nọ́ńbà lára: ìkíní wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Alága, èkejì wà ní Dùgbẹ̀. Ìwé jọ́tà tí mo fi kọ ọ́, Agbẹjọ́rò Kejì ti gbé e lọ.

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́