Ìfilọ̀ Àbá Láti Yọ Yín Nípò Olùdarí àti Ẹ̀tọ́ Yín Láti Sọ Tẹnu Yín

Ẹ̀gẹ́ Ọlá Límítẹ́ẹ̀dì
Ọ́fíìsì Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́
Ìbàrà, Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Ẹtì, 29 Oṣù Kẹjọ, 2025

Sí Olóyè Àkànní Ṣógbèsan,
Olùdarí tó ń rí sí Ìrajà,
Ìtokò, Abẹ́òkúta.

A fi lé yín lọ́wọ́, a sì tún fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì yín.

Olóyè,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ní àárọ̀ àná, Ọjọ́bọ̀, 28 Oṣù Kẹjọ, ìfilọ̀ àkànṣe kan dé ọwọ́ mi láti ọ̀dọ̀ àwọn onípìn-ín méjì: Alàájì Múfútáù Láwàl àti Ìyáàfin Bọ́látitó Ògúndípẹ̀. Bí a bá pa ìpín àwọn méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ 310,000 nínú 1,000,000 tí ilé-iṣẹ́ ti pín. Wọ́n sọ pé àwọn yóò gbé àbá kan wá síwájú ìpàdé ọdọọdún wa pé kí a yọ yín nípò olùdarí. Abala 288 nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CAMA, pa á láṣẹ pé lójú ẹsẹ̀ tí irú ìfilọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti dé ni kí ilé-iṣẹ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí olùdarí tí ọ̀rọ̀ kàn. Ẹ̀dà náà wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ojú ewé mẹ́ta, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. N kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Àbá náà kà báyìí: “Pé kí a yọ Olóyè Àkànní Ṣógbèsan nípò olùdarí Ẹ̀gẹ́ Ọlá Límítẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí ìpàdé bá ti fọwọ́ sí ìpinnu yìí.” Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni tí yóò rọ́pò yín. Bí àbá bá wọlé, àyè náà yóò ṣófo títí ìgbìmọ̀ olùdarí yóò fi fi ẹlòmíràn dí i.

Ìpàdé náà ni èyí tí ìgbìmọ̀ ti fọjọ́ rẹ̀ lélẹ̀ láti 17 Oṣù Keje: Sátidé, 11 Oṣù Kẹwàá, 2025, aago mẹ́wàá àárọ̀, ní gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ wa ní Ọ̀dẹ̀dá. Láti ọjọ́ tí ìfilọ̀ dé sí ọjọ́ ìpàdé jẹ́ ọjọ́ 44. Ọjọ́ 28 ni òfin béèrè fún ìfilọ̀ àkànṣe, nítorí náà wọ́n wà láàrin àkókò.

Òfin kò ní dandan kí àwọn tó gbé àbá wá sọ ìdí. Àwọn méjèèjì sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa kí ẹ tó mú kálàmù.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù. Wọ́n ní láti Oṣù Kẹta ọdún 2024 ni a ti ń háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìrìnnà kan láti máa kó ẹ̀gẹ́ tútù láti oko Ìmẹ̀kọ wá sí Ọ̀dẹ̀dá, pé owó tí a ti san fún wọn títí di ìparí Oṣù Kẹfà ọdún yìí jẹ́ ₦18,400,000, pé ẹ ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà, àti pé ẹ kò sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Mo ti wo ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ ti 14 Oṣù Kẹta, 2024, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn náà. Kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ pé òun ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni akọ̀wé nígbà náà, ohun tí akọ̀wé bá sì gbọ́ tó sì kọ nìkan ló ń wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ ní ìpàdé mìíràn, tàbí tí ẹ kọ lẹ́tà sí alága tàbí sí akọ̀wé àná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ẹ̀dà rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè yí gbogbo ọ̀rọ̀ padà.

Wọ́n so ìwé ẹrù 37 mọ́ ẹ̀sùn yìí. Ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ti ṣá. Nínú mẹ́fà, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ sí ṣófo pátápátá, orúkọ dírẹ́bà àti nọ́ńbà ọkọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ti ní kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀ tóbi sí orí bébà kí ojú yín má bàa nira. Ìwé ìwọ̀n ọkọ̀ ti ẹnu ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, bí ẹ bá fẹ́ fi wéra.

Ẹ̀kejì ni pé ẹ kò wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ mẹ́rin léraléra: 19 Oṣù Kẹsàn-án àti 12 Oṣù Kejìlá, 2024, lẹ́yìn náà 13 Oṣù Kẹta àti 19 Oṣù Kẹfà, 2025. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹ kò tọrọ gáfárà fún ìkankan. Èyí kò bá ohun tó wà nínú fáìlì mi mu. Lẹ́tà yín ti 10 Oṣù Kejìlá wà níbẹ̀, ẹ sọ pé ẹ wà ní ilé ìwòsàn, alága sì fọwọ́ sí i pé òun rí i. N kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ọ̀rọ̀ àwọn tó gbé àbá wá kọ, àmọ́ n óò rí i dájú pé ẹ̀dà lẹ́tà náà àti ìwé ìwọlé-ìpàdé wà níwájú gbogbo onípìn-ín. Fún àwọn mẹ́ta yòókù, n kò rí nǹkan kan.

Ní báyìí, ẹ̀tọ́ yín.

Ẹ lè kọ èsì yín sílẹ̀, kí ẹ sì béèrè pé kí a fi ránṣẹ́ sí gbogbo onípìn-ín. Bí ẹ bá béèrè bẹ́ẹ̀, ọ̀ranyàn ni fún ilé-iṣẹ́: a óò sọ nínú ìwé ìpè pé ẹ ti fèsì, a óò sì fi ẹ̀dà èsì yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí a bá fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí. Ohun tí òfin sọ nípa gígùn rẹ̀ kò ju pé kó má gùn kọjá ààlà lọ. Ní tèmi, ojú ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà kò ní fa wàhálà kankan. N kò ní gé e, n kò sì ní bá yín yí gbólóhùn kankan padà. Ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè ní kí a má pín in, bí ẹnì kan bá lọ fẹ̀hónú hàn tí ilé-ẹjọ́ sì gbà pé ńṣe ni wọ́n ń lo ẹ̀tọ́ náà láti fi ba ẹlòmíràn lórúkọ jẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èsì yín dúró lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án, ni ìwé ìpè yóò jáde. Bí èsì yín bá tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kẹsàn-án, inú àpòòwé kan náà ni yóò bá a lọ, ohun tí mo sì fẹ́ nìyẹn, torí àwọn ènìyàn máa ń ka ìwé tó bá kọ́kọ́ dé jù. Bó bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, a óò tún fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀ níwọ̀n bí àyè bá ṣì wà. Bí ó bá pẹ́ jù, tàbí tí àṣìṣe bá wá láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí a kà á sókè ní ìpàdé, a óò sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Yálà ẹ kọ̀wé tàbí ẹ kò kọ, ẹ tún lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde fúnra yín ní ìpàdé kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dìbò. Mo ti bá alága sọ ọ́. Àwọn tó gbé àbá wá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin yóò tẹ̀ lé wọn, kò sì sí ẹni tí yóò dá yín lẹ́nu kọ́. Agbẹjọ́rò yín lè bá yín múra èsì. Bí ẹ bá fẹ́ kó bá yín wọ gbọ̀ngàn kó sì sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n tètè mọ̀, nítorí ẹ̀yin gan-an ni òfin fún ní ẹ̀tọ́ náà, ìpàdé ni yóò sì pinnu lórí agbẹjọ́rò.

Ìbò tó bá ju ìdajì ìbò tí wọ́n dì lọ ló ń fìdí irú ìpinnu yìí múlẹ̀. Ìpín 150,000 tó wà lórúkọ yín ṣì jẹ́ tiyín, ẹ sì lè fi dìbò lórí ọ̀rọ̀ ara yín. Bí ẹ kò bá ní lè wá, ìwé aṣojú yín gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì mi ní wákàtí 48 ṣáájú ìpàdé, bó ṣe wà nínú ìwé òfin ilé-iṣẹ́ wa.

Títí wọn yóò fi dìbò, olùdarí ni yín. Owó oṣù yín, ìwé ìpè sí ìpàdé ìgbìmọ̀, àṣẹ láti wo ìwé ìṣirò owó, kò sí ìkankan tó yí padà. Ìwé àkọsílẹ̀, àdéhùn ọkọ̀ náà àti ìwé ìwọ̀n wà ní yàrá ìpàdé ní Ìbàrà fún yín láti Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́rin. Bí àtẹ̀gùn bá nira fún yín, n óò gbé wọn wá sílé.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún yín nítorí ó lè ti dé etí yín. Wọ́n ti bi mí bóyá a kò lè kàn yọ orúkọ yín lórí ìwé wa ní CAC kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Mo sọ pé rárá. Ní ọdún 2010, nínú ẹjọ́ Bernard Longe àti First Bank, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé ìpàdé ìgbìmọ̀ tí wọn kò fi tó olùdarí létí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ìpinnu ibẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ti ìgbìmọ̀ ni tọ̀hún, ti onípìn-ín ni tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Yàtọ̀ sí òfin, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìwé kankan kò ní lọ sí CAC lórí ọ̀rọ̀ yìí kí ìpàdé tó parí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fipò sílẹ̀ kí ìpàdé tó dé, ẹ̀yin lẹ ni ìpinnu. Lẹ́tà yìí kò béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bí àbá bá sì wọlé, kò pa ẹ̀tọ́ yín run lórí owó tàbí gbà-má-bínú tó bá tọ́ sí yín lábẹ́ àdéhùn iṣẹ́ yín, òfin kan náà ló sọ ọ́.

Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ni mí. N kò sí lẹ́yìn Alàájì, n kò sì sí lẹ́yìn yín. Ìbéèrè tí ẹ bá ní lórí ìlànà, ẹ kọ ọ́ sí mi, n óò fèsì ní ìkọ̀wé kí gbogbo ọ̀rọ̀ lè wà ní fáìlì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fọwọ́ sí ẹ̀dà kejì kí ẹ fi fún ẹni tó mú lẹ́tà wá, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Ìfọwọ́sí yín kò túmọ̀ sí pé ẹ gba ẹ̀sùn kankan, pé ìwé dé ọ̀dọ̀ yín nìkan ló ń sọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Mojísọ́lá Adéògún (Ìyáàfin)
Akọ̀wé Ilé-iṣẹ́

Àwọn ìwé tó bá lẹ́tà yìí rìn: ẹ̀dà ìfilọ̀ àkànṣe ti 28 Oṣù Kẹjọ, 2025, ojú ewé tó kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ti 14 Oṣù Kẹta, 2024, ìwé ẹrù 37, ìwé ìwọlé-ìpàdé fún ìpàdé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́tà yín ti 10 Oṣù Kejìlá, 2024, ìwé aṣojú.

Ẹ̀dà sí: Alága ìgbìmọ̀ olùdarí.